Ọjọ́ Tí Iná Dé Bá Wa Lẹ́nu Gémù

Tí wọ́n bá mú iná wá, tí àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, inú gbogbo ènìyàn a máa dùn. Èmi nìkan ni àyà mi máa ń já. Ìyàwó mi ti bi mí títí, mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo ń pa. Nǹkan wà níbẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ kàféè àǹtí mi ni, ní Ìdímù, lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá, àti ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi aránṣọ.

Àbúrò ìyá mi ló ni kàféè náà. Tíṣà ni, ọmọ Èkìtì, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, èmi ni mo sì ń bá a mójú tó ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ wà ní yàrá iwájú, ọ̀kan ṣoṣo wà ní yàrá ẹ̀yìn. Àwọn tó wá wo èsì ìdánwò, àwọn tó wá tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́, àwọn tó kàn wá gba atẹ́gùn fáànù, kò sẹ́ni tí n kì í pariwo mọ́. Ẹnu mi ò dáa nígbà yẹn. Àǹtí mi á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, oníbàárà lò ń bá sọ̀rọ̀ o, kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n."

Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ló dojú kọ wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti gba fíríìdọ̀mù, àmọ́ kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ṣì ń ránṣọ. Tó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á sọdá sọ́dọ̀ wa, téèpù tó fi ń wọn èèyàn á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, á lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà igun. Gémù ìbọn la máa ń gbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni márùn-ún á dojú kọ ẹni márùn-ún. Ẹ̀yin èèyàn, ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n gbá! Ó lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn, ojú àti ọwọ́ yẹn náà ló fi ń yìnbọn. Ó tún jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Tó bá pa ọ́ tán, á ní "má bínú jàre."

Ohun tó ń bá wa jà kì í ṣe ọ̀tá inú gémù, píǹgì ni. Píǹgì ni iye àsìkò tí ọ̀rọ̀ fi ń ti kọ̀ǹpútà rẹ lọ bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń darí gémù níbi tó wà lọ́nà jíjìn, tó sì fi ń padà wá. Wọ́n gé sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, òun ni wọ́n fi ń kà á. Tó bá kéré, bí o ṣe tẹ bọ́tìnnì ni ìbọn ń dún. Tó bá pọ̀, o rò pé o ti sá pamọ́, àṣé lójú sáfà, ìta gbangba lo ṣì dúró sí, wọ́n á sì rọ̀jò ọta lé ọ lórí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi jiyàn lórí sáfà tí ó yẹ ká mú? Èmi ní ti Gúúsù Áfíríkà, torí ilẹ̀ adúláwọ̀ kan náà la wà. Ọ̀rẹ́ mi ní ká wò ó ná. A wò ó: Gúúsù Áfíríkà gbé 260 jáde, ti Yúróòpù ò ju 110 lọ. Mo ní kọ̀ǹpútà ló ya wèrè. Ọkùnrin tó wá tún òpó íńtánẹ́ẹ̀tì wa ṣe ló là wá lọ́yẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ wa tó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ ń gbà kó tó yí wá sísàlẹ̀. Ìyẹn dà bí ẹni tó ń ti Ìdímù lọ sí Ìgándò, tó wá gba Ọ̀ṣọ́dì. Láti ọjọ́ yẹn, sáfà Yúróòpù la ń mú, ọ̀rẹ́ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè mí ní ọ̀gá máàpù.

Ọ̀ràn Wáífáì ló kù. Ògiri bíríkì wà láàárín igun ọ̀rẹ́ mi àti ráútà tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa, gbogbo fóònù àwọn oníbàárà sì wà lórí afẹ́fẹ́ kan náà. Píǹgì á wà ní 120, á fò lọ sí 300, á tún já wálẹ̀. Mo lọ ra wáyà gígùn n'Ìkẹjà, mo lu ògiri, mo fà á gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo kì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà igun. Píǹgì jókòó sí 110, kò mira. Ọ̀rẹ́ mi wo nọ́ńbà yẹn, ó wò mí, ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é fún ẹ." Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo ń gbá gémù ọ̀hún.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ kan rí bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń gbá gémù. Ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló kó ẹgbẹ́ náà jọ, bọ́ọ̀sì là ń pè é, ìyẹn ọ̀gá. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n ń wá ẹnì karùn-ún tí wọ́n á jọ wọ ìdíje. Bọ́ọ̀sì ní kí ọ̀rẹ́ mi bá àwọn gbá eré kan ṣoṣo ní ọ̀sán Sátidé, aago mẹ́ta, tó bá dáa, àyè náà di tirẹ̀. Tó bá di aago mẹ́fà, orúkọ àwọn márààrún gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ọ̀rẹ́ mi ò sun oorun dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní, "Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ìránṣọ nìkan lọwọ́ mi wúlò fún. Mo kàn fẹ́ wà níbì kan tí wọ́n ti yàn mí ni."

Èmi wá sọ ara mi di ọ̀gá ọlọ́pàá. Láti aago méjì ni mo ti kéde: kí gbogbo fóònù kúrò lórí Wáífáì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe daunlóòdù kankan. Ojú ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì wa ò fẹ̀. Ó dà bí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo: tí ẹni tó gbé dúrọ́ọ̀mù mẹ́fà wá bá ti wà níbẹ̀, ìwọ tó mú ife kan lọ́wọ́, wàá tò sẹ́yìn rẹ̀ ni. Dúrọ́ọ̀mù ni daunlóòdù, ife ni gémù. Mo yẹ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wò. Iná ò sí láti ọjọ́ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ la tàn, jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ò sì lè gbé ju yàrá iwájú àti ráútà lọ. Kọ̀ǹpútà yàrá ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé iná ìjọba nìkan ló so mọ́ tààrà, ti kú fin-ín. N ò tiẹ̀ rántí rẹ̀.

Ẹ dẹ̀ wò ó, èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé àdúgbò wa mọ̀ pé iná kì í sọ ìgbà tó ń bọ̀. Ó lè dé nígbà tí gbogbo wa ti lọ sílé. Mo bá ṣètò kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn pé tí iná bá ti kàn án lára báyìí, kó tan ara rẹ̀, kó sì máa bá daunlóòdù tó wà nílẹ̀ lọ. Fíìmù ni, tí mo ń kó sínú fóònù àwọn oníbàárà. Mo máa ń fọ́nnu lórí ọgbọ́n yẹn gan-an.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ mú ìpele mẹ́rìndínlógún ló borí. Ọ̀rẹ́ mi ń pa wọ́n bí ẹni ń já bọ́tìnnì ẹ̀wù. Bọ́ọ̀sì ń pariwo nínú hẹ́dífóònù débi pé èmi tí mo dúró lẹ́yìn ń gbọ́ ọ: "Níbo lo ti ń bọ̀ látọjọ́ yìí?" Àwa ní mẹ́tàlá, àwọn ní mẹ́wàá.

Bẹ́ẹ̀ ni ìta hó yèè. Iná ti dé.

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan súìṣì tí a fi ń kúrò lórí jẹnẹrétọ̀, ká máa lo jẹnẹrétọ̀ lọ títí eré á fi parí. Mo rò pé mo gbọ́n. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, píǹgì fò láti 110 sí 400, ó di 700. Ọ̀rẹ́ mi sáré síwájú, gémù fà á padà sẹ́yìn. Ó yìnbọn lu ẹni tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ẹni yẹn ń rìn lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ó sì di pé ọ̀rẹ́ mi ló wà nílẹ̀.

Orí mi gbóná. Mo yíjú sí àwọn oníbàárà: "Ta ló ń daunlóòdù? Ẹ mú fóònù yín wá!" Mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìpele ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa, mo wá já ti ìyá kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wáífáì fóònù náà ò tiẹ̀ sí ní títàn. Ìyá náà ní, "Ṣé o ò lè ṣe bí ènìyàn ni, àbí kí lo ń ṣe yìí?" Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí mo fi gbọ́ ìró fáànù kọ̀ǹpútà láti yàrá ẹ̀yìn.

Mo sáré wọlé, mo fa wáyà rẹ̀ yọ. Lójú ẹsẹ̀ ni píǹgì padà sí 110. Àmọ́ wọ́n ti mú ìpele mẹ́fà léra wọn, mẹ́rìndínlógún wọn ti pé.

Bọ́ọ̀sì ò bínú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "O mọ̀ ọ́n gbá o, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbára lé íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn? Àbí kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún?" Ọ̀rẹ́ mi yọ hẹ́dífóònù létí kan, ó yíjú wò mí. Gbogbo oníbàárà ń wò mí, pẹ̀lú ìyá tí mo já fóònù rẹ̀ gbà. Ojú tì mí. Mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni jàre. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é." Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún bọ́ọ̀sì, ó sì fa téèpù rẹ̀ sọ́rùn, ó sọdá lọ. Ẹlòmíì ni wọ́n mú.

A ò jà. Ó ṣì máa ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dín. Àǹtí mi ti kàféè pa nígbà tí gbogbo èèyàn ti ní íńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kó lọ sí Ayọ̀bọ̀, ó la ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Mo ṣì máa ń ṣàárò igun yẹn, òórùn epo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rín rẹ̀ tó bá ń pè mí ní ọ̀gá máàpù.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, mo gbé aṣọ lọ fún un pé kó bá mi rán an fún ìgbéyàwó mi. Ó ń wọn èjìká mi lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ tán pátá: kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn, fíìmù, irọ́ tí mo pa.

Kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Mo mọ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn máa ń ké tó bá jí. Mo gbọ́ igbe rẹ̀, àmọ́ ìgbà tó o sáré wọ ẹ̀yìn tí píǹgì wálẹ̀ ló tó yé mi."

"O gbọ́ ọ? Kí ló dé tí o ò sọ fún bọ́ọ̀sì?"

"Ìwọ lo fa wáyà fún mi. Ṣé èmi ni màá wá dá ọ lẹ́bi lójú gbogbo èèyàn? Mo wò ọ́ pé kó o sọ ọ́ fúnra rẹ. Ká ní o sọ ọ́ ni, wọn ì bá jẹ́ ká tún un gbá. Aago mẹ́rin ò tíì lù, aago mẹ́fà sì ni gbèdéke."

Omi ti kún ojú mi. Ó kọ nọ́ńbà èjìká mi sínú ìwé, ó wo omi ojú mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín bíi ti àtijọ́.

"Ọdún méje! Píǹgì tìẹ mà ga o. Ó yá, gbé apá sókè."