Okùn Àgbò ní Gamkalley

Owó tó wọlé àti èyí tó jáde nìkan ló wà nínú ìwé oko wa ní Gamkalley. Nígbà tí àgbò àti ẹ̀rọ omi gbé gbogbo owó wa lọ, bàbá mi ní òun máa ta oko náà. Inú bí mi. Ṣé owó tó di àgbò ti ṣòfò ni?

Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í jẹ́ ká ka ẹran ọ̀sìn, bí wọn kì í ti í ka ọmọ. Mo bá ka okùn tí a fi so wọ́n. Mo ṣírò iye tí àgbò, ẹ̀rọ àti àlùbọ́sà inú àká tó, mo yọ gbèsè oúnjẹ ẹran kúrò. Ohun tó kù ju owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ! Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi yọjú wo ìwé náà.

"O gbàgbé okùn kan lẹ́yìn ilé."