Àwọn Tí Kò Béèrè Síìpù Mọ́

Ṣọ́ọ̀bù méjì ni Alhaja tó gbà mí síṣẹ́ ní nígbà náà. Èyí tó tóbi wà ní Olówógbowó, ilé ìkẹ́rùsí sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó kéré wà ní Ẹnu Ọ̀wá, kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn méjì lọ. Ohun èlò àwọn télọ̀ là ń tà: òwú, bọ́tìnnì, rọ́bà, síìpù. Èmi ni mò ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, tí mò ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, tí mo sì ń pín ọjà fún ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ.

Obìnrin tó ń tajà ní Ẹnu Ọ̀wá fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó ló jọ ń gbé nínú yàrá kan ní agbo ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Ó máa ń sáré wọlé lọ fún ìyá náà ní oògùn ní ọ̀sán, yóò sì padà kí oníbàárà tó dé ìdí káńtà. Kò sí iṣẹ́ mìíràn ní Èkó tí ì bá fún un láyè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Alhaja ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n ti Ẹnu Ọ̀wá, ohun tí wọ́n fẹ́ tì ju ṣọ́ọ̀bù lọ.

Síìpù dúdú ni ọmọ Alhaja fi ń díwọ̀n ọjà. Òun làwọn tó ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ń rà jù, ẹni tó bá sì wá ra síìpù ló máa ra òwú àti bọ́tìnnì mọ́ ọn. Ó ní bí Ẹnu Ọ̀wá kò bá ta dọ́sìn mẹ́rìnlá lóòjọ́, kò lè gbé owó ilé tuntun tí onílé ń béèrè. Ó wo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ṣáájú ìwọlé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ ọjà mẹ́rìndínlógójì. Dọ́sìn 310 ni wọ́n tà. Kò pé mẹ́sàn-án lóòjọ́.

“Ẹ wò ó, Àǹtí,” ó sọ fún mi lórí káńtà Olówógbowó, ó yí fóònù rẹ̀ sí mi. “Àkókò tí gbogbo ayé ń rán yunifọ́ọ̀mù nìyí o. Tí kò bá lè tà lásìkò yìí, ìgbà wo ló fẹ́ tà?”

“Ogún ọjọ́ nínú rẹ̀ ni kò fi sí síìpù níbẹ̀ rárá,” mo ní. “Ọjọ́ tí ọjà kò tà yàtọ̀ sí ọjọ́ tí kò sí ọjà.”

Kì í ṣe òpè. Ọdún yẹn, ẹrù wa há sí Àpápá, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú u sílẹ̀ fún wa. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ó dáa,” ó ní. “Ẹ bá mi ṣírò ohun tí a pàdánù ní ogún ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ̀ ń rò o. Èyí tí ẹ lè fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ mú wá lọ́jọ́ Jímọ̀.”

Mo mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ra ìwé kan fún Ẹ̀gbọ́n, tí mo fa ìlà sí i, pé kó máa kọ gbogbo ẹni tó bá béèrè síìpù dúdú tí kò sí: ọjọ́ wo, ta ni, dọ́sìn mélòó, kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa. Àwọn tó wọlé wá wà níbẹ̀, àwọn tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù láti Ìbàdàn àti Ṣàgámù náà wà níbẹ̀. A jókòó tì í ní Ẹnu Ọ̀wá. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, dọ́sìn 250 ni.

“Kọ 250, kí o máa lọ sílé,” ni Ẹ̀gbọ́n wí.

“Kò rí bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Obìnrin Ṣàgámù yìí béèrè dọ́sìn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ kọ ọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ṣoṣo ló fẹ́, kì í ṣe márùndínláàádọ́ta.”

“Ó ń béèrè ni mo ṣe ń kọ.”

“Mo mọ̀. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí náà: wọ́n dúró. Nígbà tí ọjà dé, wọ́n wá gbà á. Ó ti wà nínú 310 tí ẹ tà. A kò lè tún kà á sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa.”

Ó wò mí. “Akọ̀wé, ṣé èmi lò ń jà fún ni, àbí ìwé?”

“Ìwé yìí ló máa gbà yín sílẹ̀.”

“Ìwé ò tíì gba ẹnì kankan sílẹ̀ ní agbo ilé yìí. Bàbá wa ní ìwé ilẹ̀ nínú àpótí títí ó fi kú. Àpótí náà la jogún.”

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Àwọn àkọtúnkọ, tó fi mọ́ ọgbọ̀n tó lé lórí ti obìnrin Ṣàgámù, jẹ́ 45. Àwọn tó dúró tí wọ́n gbà á jẹ́ 70. Ó ku 135. Nínú 135 yìí, àwọn kan ti ní kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ de ẹrù, nígbà tó sì pẹ́, wọ́n ní kí a fagi lé e. Àwọn yòókù kàn lọ ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọmọ Alhaja fi 135 kún 310, ó pín in sí ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì. Méjìlá àti díẹ̀. Ó tún un pín, bíi pé òun náà fẹ́ kó yí padà.

“135 nìkan, Àǹtí?”

“Òun ni mo rí.”

Alhaja wà níbẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Kò gbé ojú sókè. “Ọlọ́run á ṣe é fún un níbòmíràn,” ó ní. Òpin oṣù yẹn ni wọ́n kó káńtà kúrò ní Ẹnu Ọ̀wá. Wọn kò ní àyè fún Ẹ̀gbọ́n ní Olówógbowó. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ní i, ta ni yóò máa fún ìyá rẹ̀ ní oògùn ní ọ̀sán?

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí mo lọ ra ẹja ní ọjà Sandgrouse. Ọkùnrin kan tó ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́, tó jẹ́ oníbàárà Ẹnu Ọ̀wá tẹ́lẹ̀, kí mi. Ó ní òun rí i pé a ti ti ṣọ́ọ̀bù náà.

“Ẹ ò béèrè síìpù lọ́wọ́ wa mọ́ lásìkò ìwọlé,” mo ní. Mo rántí pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ kìíní nìkan, dọ́sìn mẹ́fà.

“Mo wá lẹ́ẹ̀kan, obìnrin tó ń tajà yẹn ní ó ń bọ̀. Mo tún ránṣẹ́, wọ́n ní ó ń bọ̀ láìpẹ́. Èwo ni kí n tún máa wá béèrè? Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lo dọ́sìn mẹ́fà. Mo gba ibòmíràn lọ.”

Mo gbàgbé ẹja tí mo wá rà.

Àṣà Alhaja ni, ó sì bá a lọ́wọ́ ìyá rẹ̀: a kì í fi ẹnu wa sọ fún oníbàárà pé ọjà tán. “Ó ń bọ̀” la máa ń sọ, ká má baà fi ẹnu ara wa lé ọjà lọ. Ẹni tí a bá sọ ọ́ fún lẹ́ẹ̀kan á dúró. Ẹni tí a bá sọ ọ́ fún lẹ́ẹ̀mejì kò ní bá wa jà, kò ní béèrè mọ́. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé náà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kò sí síìpù, ojú ewé kún. Nígbà tó fi di ogúnjọ́ rẹ̀, ènìyàn méjì péré ló wà níbẹ̀. Mo ti rí i nígbà tí mò ń ṣírò. Mo rò pé àwọn tó fẹ́ síìpù ló dín kù ni. Àwọn tó ń béèrè ló dín kù.

Mo wá ṣe é bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é. Mo yọ 70 tí àwọn tó dúró gbà kúrò nínú 310, nítorí pé ọjọ́ tí kò sí ọjà ni wọ́n ti fẹ́ ẹ. Ó ku 240. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí síìpù fi wà nílẹ̀ ni a tà á: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjọ́ rere nìkan ni ọjọ́ mẹ́rìndínlógún yẹn. Rárá, wọ́n fọ́n káàkiri ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí a bá ní ọjà ní ogún ọjọ́ yòókù, à bá ta bí 300. A rí 70 gbà padà nínú rẹ̀. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa tó 230. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ ni Ẹnu Ọ̀wá ì bá tà, dọ́sìn kan lókè ohun tí wọ́n béèrè.

Nígbà náà ni mo wo ìwé ilé ìkẹ́rùsí tèmi. Bí ẹrù bá dé, mo máa ń pín in bí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ṣe tà ní oṣù tó kọjá. Mo kà á sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí ọjà tán níbẹ̀ kò lè tà púpọ̀, nítorí pé kò tà púpọ̀ ni mo ṣe ń fún un ní díẹ̀, nítorí pé díẹ̀ ni mo fún un ni ọjà tún ṣe ń tán. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo mú ìṣirò náà lọ bá ọmọ Alhaja. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ó péye,” ó ní. Ó dá a padà fún mi. Ẹlòmíràn ti san owó ọdún méjì fún ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń ta ṣájà fóònù níbẹ̀.

Mo lè dákẹ́. Àmọ́ mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Ó ń bá ẹnì kan ta ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, aládùúgbò kan ló sì ń bá a wo ìyá rẹ̀, tó bá rántí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan bí mo ṣe ń pín ẹrù.

Ó to ìbọ̀sẹ̀ funfun sórí ara wọn kó tó dáhùn.

“Mélòó lo ní ó bọ́ lọ́wọ́ wa?”

“230.”

“Mélòó ni mo ní kí o kọ?”

“Bí ẹ ṣe kà á kò tọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Mélòó ni mo ní kí o kọ?”

“250.”

“Ìwọ wá kọ 135.”

Kò pariwo. Ó sún ìbọ̀sẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè ráyè jókòó, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n jókòó. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, mo sì kí i, mo lọ.