Gbólóhùn Tí Mo Fún Un

Bí mo bá sọ pé mi ò mọ ohun tí mo ṣe, irọ́ ni mò ń pa. Mo mọ̀ ọ́n. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ò gbà á láti sọ.

Olùkọ́ ni mí ní Bantè nígbà náà. Ọwọ́ àwọn àlùfáà ni mo ti kàwé, mo wá mọ Faransé débi pé orí mi wú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí báyìí, tí ẹ ń pè mí ní bàbá jẹ́jẹ́, ẹ ò bá mi pàdé nígbà yẹn. Kì í pẹ́ kí inú tó bí mi. Ìyàwó mi máa ń ní bí òun bá gbọ́ ohùn mi láti kíláàsì, òun á ti mọ̀ pé ẹnìkan ṣi nǹkan kọ.

Ní ọdún yẹn, ìjọba ní kí àwọn igbákejì olùkọ́ agbègbè wa wá ṣe ìdánwò ní Savalou. Ẹni tó bá yege á di olùkọ́ gidi. Ẹni tí kò bá yege, kó máa lọ sílé. Mẹ́fà nínú wọn ń wá bá mi lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, tí ilé ìwé kì í sí, láti Pira, láti Akpassi, àti ọ̀kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Gouka. Ẹni Gouka yìí ló dàgbà jù. Ó tó ẹ̀gbọ́n mi pátápátá. Ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà, àwọn ọmọ náà sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá kan kó jókòó kọ àròkọ, òógùn á bò ó.

Ìdánwò náà kò le lójú mi. Wọn á fún wọn ní ìwé kéékèèké mẹ́ta tí oríṣiríṣi ènìyàn kọ, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo kọ ọ́ sára pátákó fún wọn. Àkọ́kọ́, sọ ọ̀rọ̀ tìrẹ, ìyẹn ìdáhùn rẹ. Ìkejì, mú ẹ̀rí jáde nínú ìwé tí wọ́n fún ọ, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré. Ìkẹta, ṣàlàyé bí ẹ̀rí náà ṣe ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn, kí o sì mú un padà sọ́dọ̀ ìbéèrè. Ìwé kọ̀ọ̀kan, ìpínrọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà mọ́tò ni a fi ń kọ́ ọ. Ìbéèrè wa ni pé kí ni ọ̀nà ṣe fún òwò. Mo kọ àpẹẹrẹ kan fún wọn: “Ọ̀nà mọ́tò mú kí ọjà tètè dé. Oníṣòwò aṣọ tó kọ ìwé àkọ́kọ́ sọ pé ẹrù tí àwọn alágbàárù ń fi ọjọ́ mẹ́ta rù, òwúrọ̀ kan ni ọkọ̀ fi ń gbé e. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá tètè dé á tètè tà á, á sì tún lọ ra òmíràn. Ọ̀nà tipa bẹ́ẹ̀ ran òwò lọ́wọ́.”

Àwọn yòókù mú un. Ẹni Gouka kò mú un. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ á dára, ẹ̀rí á pé, ṣùgbọ́n bó bá ti kọ ẹ̀rí tán, ó ti dákẹ́ nìyẹn.

“Àlàyé dà?” mo ní.

“Mẹ́tìrì,” bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ nìyẹn, “ẹni tó kọ ìwé yìí ti sọ ọ́ tán.”

“Kí ló wá kan ìbéèrè níbẹ̀?”

“Nílé wa, bí àgbàlagbà bá ti jẹ́rìí níwájú àwọn àgbà, a kì í tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ lẹ́yìn ẹ̀. Àfojúdi ni.”

Ká ní mo lọ́gbọ́n ni, ǹ bá jókòó tì í, kí n sọ fún un pé ẹni tó ń ka ìwé rẹ̀ kò sí níbi tí ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀, pé òun ló gbọ́dọ̀ fa ọwọ́ onítọ̀hún dé ibi ìdáhùn. Ọ̀nà àbùjá ni mo bá lọ. Mo kọ gbólóhùn kan fún un: “Èyí fi hàn pé ọ̀nà mọ́tò mú òwò gbòòrò.” Mo ní kó há a sórí, kó sì máa fi parí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó há a. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti dára, inú mi sì dùn ṣìnkìn sí ara mi.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò dé nígbà tó na ọwọ́ sókè. “Mẹ́tìrì, bí wọ́n bá wá béèrè nǹkan mìíràn nípa ọ̀nà ńkọ́? Ṣé gbólóhùn yìí á ṣì bá a mu?”

Ìbéèrè tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni bi mí lọ́dún yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, oòrùn ń mú, mo sì rò pé ó tún fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ àfojúdi rẹ̀. Mo fi ẹfun lu tábìlì. “Kọ ohun tí mo kọ́ ẹ! Ta ló ní kí ìwọ máa ronú?”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà tẹrí ba. “Ẹ má bínú, mẹ́tìrì.”

Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó mi kò gbé oúnjẹ fún mi kíá. “Ẹni tí ẹ ń pè ní ‘ìwọ’ yẹn, ẹ̀gbọ́n yín ni o.” Mo ní kó máa bójú tó ọbẹ̀ rẹ̀.

Gbogbo wọn wọ ọkọ̀ ẹrù lọ sí Savalou. Nígbà tí èsì jáde, márùn-ún yege. Ẹ ti mọ ẹni tó kù.

Ó wá sílé mi lọ́jọ́ ọjà Bantè. Mo rò pé ó wá bá mi jà ni, mo ti ń múra ohun tí màá sọ sílẹ̀. Ó wá dúpẹ́ ni o! Ó ní òun fẹ́ lọ gbájú mọ́ oko, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ ibi tí òun ti kùnà. Ó yọ ìwé tó kọ́kọ́ fi gbìyànjú ìdáhùn nínú ìdánwò jáde lápò, àwọn tó ń bójú tó ìdánwò ló ní kí oníkálukú máa mú tirẹ̀ lọ sílé.

Mo kà á. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn ni pé ṣé gbogbo ènìyàn ni ọ̀nà ṣe láǹfààní. Ìwé kejì nínú mẹ́ta tí wọ́n fún wọn jẹ́ ti àgbẹ̀ kan tí wọ́n fipá kó lọ ṣe ọ̀nà. Lábẹ́ ẹ̀rí rẹ̀, ẹni Gouka ti kọ ọ́ ní Faransé rẹ̀ tó ń tiro: “Ìgbà tí wọ́n mú ọkùnrin yìí lọ ni àkókò ebè iṣu. Nítorí náà ebi pa ilé rẹ̀ lọ́dún náà. Ọ̀nà dára fún ẹni tó ní ẹrù láti kó, kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn.”

Ẹ wo àlàyé! Nínú àwọn mẹ́fà, bóyá ni ẹnìkan kọ èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ó ti fa igi lé e lórí. Ní abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó mọ́ ju ti òkè lọ, ó kọ ọ́ pé èyí fi hàn pé ọ̀nà mọ́tò mú òwò gbòòrò.

Mo fi ìka tọ́ka sí ibi tó fa igi lé. “Kí ló dé tí ẹ fi pa eléyìí rẹ́?”

Ó wò mí, kò bínú rárá. “Ẹ ní kí n má ronú, mẹ́tìrì.”

Mo tún ìwé náà ká, mo dá a padà fún un. Mo ní ìdánwò ọdún yẹn le jù, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé orí òun kò gba ìwé kíkọ. Mo gbọ́ ọ, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kí ìyàwó mi, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Gouka.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Mo ní ọ̀pọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí mo fi lè lọ bá a, kí n sọ fún un pé ohun tó kọ́kọ́ kọ ló tọ̀nà. Mi ò lọ. Ó kú, ó gbà pé òun ò mọ ìwé kọ.