Ọdún Ṣáínà Kò Rìn Sẹ́yìn

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó dá sí ìrìn-àjò Ṣáínà yẹn, títí kan ẹni tó fi takisí gbé ọkọ mi lọ wọ bàálù. N kò ní kọ wọ́n síbí. Ọ̀pọ̀ wọn ti lọ, ọkọ mi náà sì ti lọ.

Ní Kalley, àdúgbò wa ní Niamey, kò sí oníṣòwò Ọ̀yọ́ tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láìkọ́kọ́ wá bá a. Kàlẹ́ńdà mẹ́ta ló wà lára ògiri rẹ̀. Á ní kó o má lọ wá físà lọ́sẹ̀ Tabaski, ìyẹn Iléyá, pé ọ́fíìsì á tì. Kó o má sì retí ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án Jímọ̀. Bí ẹni pé òun ló gbé òṣùpá kọ́ sójú ọ̀run.

Ó wá kan òun alára. Ó fẹ́ lọ ra léèsì tí a ó tà kí Ìtúnu Ààwẹ̀ tó dé. Ìrìn-àjò kan ṣoṣo lagbára wa ká. Bó bá lọ lásán, ògbólógbòó aṣọ la ó máa tẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjà Katako nígbà tí gbogbo Niamey bá ń ránṣọ ọdún.

Ará àdúgbò Banifandou kan tó lọ Ṣáínà lọ́dún tó ṣáájú sọ fún un pé àwọn ará Ṣáínà ń ti ọjà bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ọdún tuntun wọn, pé ìparí oṣù kìíní ló bọ́ sí lọ́dún yẹn, òṣùpá ni wọ́n sì fi ń kà á. Bó ti gbọ́ òṣùpá, ara rẹ̀ yá. Ṣebí Ààwẹ̀ ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá rìn sẹ́yìn lọ́dọọdún? Ó yọ mọ́kànlá, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé e, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì, èyí tí kò ṣeé yí padà.

Mo ní kó kọ́kọ́ tẹ ọmọ ìyá mi tó ń gbé Guangzhou ní Ṣáínà láago.

“Ìyá Ìbejì, ọmọ tí kì í gbààwẹ̀ ló máa wá fi òṣùpá hàn mí?”

Mo ṣì ń bẹ̀rù ọgbọ́n rẹ̀ nígbà yẹn.

Nígbà tó dé Ṣáínà, ìlẹ̀kùn irin títì ló bá lẹ́nu gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àwọn òṣìṣẹ́ ti wọ ọkọ̀ relùwéè lọ sílé. Ọdún tuntun wọn ku bí ọ̀sẹ̀ kan. Àbúrò mi yìí ló ṣàlàyé pé àwọn èèyàn náà máa ń fi oṣù kan kún ọdún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọdún tuntun má baà sá kúrò nígbà rẹ̀. Ọdún tó kọjá ni wọ́n fi kún un. Dípò kó padà sẹ́yìn, ó fò síwájú.

Ọkọ mi pè mí.

“Oṣù mẹ́tàlá ni wọ́n lò lọ́dún tó kọjá. Ta ló yọ̀ǹda fún wọn?”

Ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ rẹ̀ pé kí ọjà tó ṣí. Kàlẹ́ńdà Ṣáínà ọdún olóṣù mẹ́tàlá yẹn ló rà bọ̀. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn oníbàárà wa wọ léèsì tí wọ́n rà lọ́wọ́ ará Banifandou kọjá níwájú wa, wọ́n sì kí wa dáadáa.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wá béèrè, á ní, “Pe ará ibẹ̀ ná.” Kì í sọ ìdí rẹ̀.

Kàlẹ́ńdà kẹrin ṣì wà lára ògiri. Lọ́sẹ̀ tí ọkọ mi kú, mo jókòó ti kàlẹ́ńdà náà, mò ń wá oṣù àfikún yẹn.