Orúkọ tí Bàbá Fìyìn Sọ Oògùn Òfìfo

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ọkọ mi kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ láìsọ ọ́ lórúkọ. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ilé wa, "ọ̀pá àṣẹ" ni. Ṣájà fóònù, "abọ́fóònù" ni. Nígbà tí a ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ní "alágbàfọ̀ aláìlẹ́nu" ni ká máa pè é, nítorí pé obìnrin tó ń bá wa fọṣọ tẹ́lẹ̀ lẹ́nu púpọ̀. Ó ti mọ́ àwọn ọmọ lára. Èmi ló ń sú.

Adémọ́lá Kìtán lorúkọ rẹ̀, Bàbá Fìyìn ni mo ń pè é, ọmọ Oǹdó ni. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Àkúrẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, láti ìgbà náà ló sì ti ń túmọ̀ ìwé fún ẹnikẹ́ni tó bá ní iṣẹ́: ìpolongo abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìkìlọ̀ lórí oògùn apakòkòrò, ìkéde ìjọba ìbílẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé Yorùbá kan lára ògiri ọ́fíìsì tí ẹ kà á tí kò yé yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló kọ ọ́. Mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o. Ó mọ iṣẹ́. Ohun tó máa ń gbàgbé ni pé ènìyàn ló máa ka ohun tí òun kọ.

Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Dókítà Fọlákẹ́ Ọláyẹmí ló wá kí wa. Ọkọ mi ló kọ́ ọ ní Yorùbá nígbà tó wà ní kékeré; báyìí, ó ń tọ́jú egungun àti oríkèé ní ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí kan láti mọ̀ bóyá fítámì D ń dín ìrora orúnkún àwọn àgbàlagbà kù. Wọ́n fún ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní fítámì náà. Wọ́n fún ìdajì yòókù ní hóró tó jọ ọ́ ní àwọ̀ àti ní ìrísí, àmọ́ tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ti parí, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Fọlákẹ́ fẹ́ kí ìsọníṣókí rẹ̀ wà ní Yorùbá, kí wọ́n lè kà á fún àwọn tó kópa ní ìpàdé kan ní Oǹdó, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò.

Ó ní, "Sà, àwọn ló yá wa ní orúnkún wọn. Ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí a rí."

Ó ti gbé e fún kọ̀ǹpútà kó bá òun túmọ̀ rẹ̀. Ìwádìí tí aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń gbà, tí dókítà tó ń fún un náà kò sì mọ̀, ni kọ̀ǹpútà pè ní "ìwádìí àwọn afọ́jú méjì". Bàbá Fìyìn rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti gba iṣẹ́ náà, yálà wọ́n sanwó tàbí wọn ò sanwó.

N kò ní purọ́, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ohun tó wà láàárín egungun méjì, tó ń gbó tí orúnkún fi ń dunni, ó pè é ní "tìmùtìmù orúnkún". Ta ni kò mọ tìmùtìmù? Ìwádìí afọ́jú méjì di "ìwádìí bojúbojú tọ̀tún-tòsì". Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìhà méjèèjì kò tó ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé, ó kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ náà "kò kọjá kòńgẹ́". Mo gbóríyìn fún un. Ó wá dé ibi hóró tí kò ní oògùn nínú, tí àwọn dókítà ń pè ní plàsíbò, ó sì kọ "oògùn ẹ̀tàn".

Mo ní, "Bàbá Fìyìn, ṣé ẹ rántí pé Àǹtí wa wà nínú ìwádìí yìí?"

Ó ní, "Sáyẹ́ǹsì kò ní àǹtí."

Àǹtí Adéjọkẹ́, Ìyá Wúrà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní Oǹdó ni wọ́n ń gbé. Ìyá tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, nítorí pé èmi ọmọ Àkúrẹ́ máa ń pe ilé ní "ulé". Orúnkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wọ́n di ẹni àga. Wọ́n gba hóró Fọlákẹ́, orúnkún rọ̀, wọ́n sì jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì níwájú gbogbo ìjọ pé Ọlọ́run gba ọwọ́ dókítà wo òun sàn. Wọ́n padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá fítámì ni wọ́n gbà tàbí òfìfo. Ọjọ́ ìpàdé ni Fọlákẹ́ máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí wọn. Ẹni tó ti dúró jẹ́rìí tí wọ́n wá sọ fún un níṣojú àwọn èèyàn pé ẹ̀tàn ló jẹ, báwo ló ṣe fẹ́ padà sórí ìjókòó akọrin?

Àṣà iṣẹ́ yìí ni pé bí a bá ti túmọ̀ tán, a ó kà á fún ẹni tí kì í ṣe ara iṣẹ́, ká gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Èmi ni ọkọ mi máa ń kà á fún. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ̀. Mo ní kó lọ kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fọlákẹ́ gbà, bó bá ti jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí náà nìkan ló máa kà, tí kò ní dé ibi èsì.

A dé Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé. Àǹtí fi ọwọ́ lé àgbọ̀n, wọ́n ń gbọ́. Tìmùtìmù dùn mọ́ wọn. Bojúbojú pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó wá kà á pé a ṣẹ́ kèké láti pín wọn sí ọ̀nà méjì.

Wọ́n ní, "Ẹ ṣẹ́ kèké lé mi lórí? Bí aṣọ Jésù?"

Ọkọ mi fa ìlà sí i, ó sì ń kà á lọ: "A fún ìhà kan ní fítámì D, a fún ìhà kejì ní oògùn ẹ̀tàn."

Ibẹ̀ ni Oǹdó ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu Ìyá Wúrà, Oǹdó tó ki, tí wọ́n máa ń fi pamọ́ nígbà tí àlejò bá wà. Èmi ọmọ Àkúrẹ́, ìwọ̀nba tí mo gbọ́ ni mò ń sọ fún yín yìí. Wọ́n ní ta ni wọ́n tàn? Wọ́n ní ṣé Fọlákẹ́ tó ń pe òun ní Màmá, tó ń tẹ orúnkún òun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, oníjìbìtì ni?

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sáà kà á fún yín kí ẹ tó tẹ̀ka. Wọ́n sọ pé àwọn kan máa gba èyí tí kò ní oògùn nínú."

"Wọ́n kà á. Mo rò pé àwọn ẹlòmíràn ni."

Wọ́n dìde. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ẹ̀tàn ni wọ́n máa kà ní ìpàdé náà, òun ò ní dé ibẹ̀, kò sì sí ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan tó máa dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé oúnjẹ fún wa lọ́jọ́ náà.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, Bàbá Fìyìn kò sọ nǹkankan lórúkọ. Ká tó kọjá Ọ̀wẹ̀nà, mo ti ń káàánú rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí a délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lójú mi. "Ayédèrú oògùn." Mo ní ṣé ó fẹ́ kí àwọn tó ń gbógun ti ayédèrú oògùn wá ti ilé ìwòsàn pa ni. "Oògùn òfìfo." Mo ní kó tún lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹ̀rí òfìfo ni wọ́n jẹ́. "Ìbejì oògùn." Mo ní àwọn ará Oǹdó máa béèrè èwo ni Táyé.

Ó bínú. "Kí lẹ wá fẹ́ kí n pè é?"

Inú ti bí èmi náà. "Kí ni nǹkan náà ń ṣe gan-an?"

"Kò ṣe nǹkan kan! Ó kàn ń ṣe bí oògùn ni."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká lọ sùn."

Ó wò mí. Ó jókòó, ó kọ "aṣebíoògùn", ó kọ àlàyé sí i nígbà tó kọ́kọ́ jẹ yọ: hóró tó jọ oògùn, tí kò sì sí oògùn nínú rẹ̀. Ó yọ kèké kúrò, ó ní kọ̀ǹpútà ló pín wọn láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹlẹgbẹ́ Fọlákẹ́ kan tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi méjèèjì wéra, ìtumọ̀ kò yẹ̀. Títí di òní ni ọkọ mi ń sọ fún aráyé pé òun ló ronú kan ọ̀rọ̀ náà.

Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ lọ bẹ Àǹtí. Wọ́n wá sí ìpàdé náà, pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin, ní gbọ̀ngàn kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọkọ mi ló kà á. Ó kà á pé ìrora dín kù fún àwọn tó gba fítámì D. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kà á pé ìrora dín kù fún àwọn tó gba aṣebíoògùn náà, àti pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò kọjá kòńgẹ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bàbá kan ní, "Ìyẹn ni pé fítámì yín ò ju èyí tí kò ní nǹkan nínú lọ?" Fọlákẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, fún ìrora orúnkún, bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ìhà tí òun wà wá bá òun ní kọ̀rọ̀. Ìyá Wúrà kò dìde. Wọ́n ní, "Sọ tèmi níbí. Ojú wọn náà ni mo ṣe jẹ́rìí."

Fọlákẹ́ wo ọkọ mi. Ó ní, "Màmá, aṣebíoògùn ni."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan nínú àwọn akọrin sọ "Jésù". Mo fẹ́ dìde lọ bá Àǹtí.

Ìyá Wúrà tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n ní, "Bàbá Wúrà ṣe bí ọkọ fún mi ní ọgbọ̀n ọdún. Mo sì bí ọmọ mẹ́rin fún un."

Ẹ̀rín bú jáde títí a kò fi gbọ́ra wa mọ́. Fọlákẹ́ gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ìrora orúnkún a máa lọ, a máa bọ̀ fúnra rẹ̀, pé ìtọ́jú àti ìrètí náà máa ń tu ara lára, pé ìtura tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́. Àwọn obìnrin akọrin ti ń dárúkọ ọkọ ara wọn. Inú mi dùn débi pé mo sunkún díẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé tú, àwọn èèyàn kúrò lórí àtẹ̀gùn, ó wá ku àwa mẹ́ta. Ìyá Wúrà sọ̀ kalẹ̀ lórí ìpele àkọ́kọ́, wọ́n dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ọwọ́ náà wúwo.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, láti ìgbà tí Fọlákẹ́ ti sọ ọ́ ni orúnkún yìí ti ń ro mí."

Bàbá Fìyìn la ẹnu. Mo mọ ojú yẹn. Ó ń wá orúkọ tó máa pè é. Mo ní kó pa ẹnu dé, kó wá di ọwọ́ wọn kejì mú.