Omi Ṣáwà Bàbá Mi

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún bàbá mi lẹ́yìn tí àrùn ẹ̀gbà kọlù wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí wọ́n bá wọ balùwẹ̀, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń di irin ara ògiri mú kí wọ́n má baà ṣubú, kò wá sí èyí tí wọ́n máa fi bu omi. Ìyá mi ti kú. Ta ni kó wá máa wẹ̀ wọ́n? Èmi ọmọ wọn obìnrin? Èèwọ̀! Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi ṣe ṣáwà sílé wa ní Agége, tó ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àṣé ṣáwà ọ̀hún á máa ro tó, tó, bí imú ọmọdé! Ọṣẹ gbẹ mọ́ bàbá lára. Wọ́n sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Ẹ dá mi padà sílé. Mi ò lè máa gbé ilé àna kí n tún máa rùn." Mo sunkún lọ́jọ́ náà, torí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa tọ́jú wọn lọ́hùn-ún.

Fítà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni ọkọ mi ní ilé-iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà. Ó tú orí ṣáwà, ó fi abẹ́rẹ́ yọ ìpẹtà tó dí àwọn ihò rẹ̀. Omi ò yí padà. Ó yẹ táàpù wò, ó ṣí dáadáa. Ó wá gun òrùlé balùwẹ̀ lọ sídìí táńkì, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Inú ti ń bí mi.

"Ara mi ni mò ń fi rẹ́rìn-ín. Táńkì yìí ò ga ju orí ṣáwà lọ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Níbo ni omi á ti rí agbára?"

A mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Omi kànga là ń lò, garawa la sì fi ń gbé e lọ dà sínú táńkì. Òrùlé balùwẹ̀ ló rọrùn láti gùn.

"Tẹ́ ẹ bá wá gbé e sókè, ta ló máa máa gbé omi gun ibẹ̀? Èmi tí mo lóyún sínú yìí?"

"Èmi ni," ó ní.

Lọ́jọ́ Sunday, ó mọ bíríkì lé orí ògiri balùwẹ̀ títí ó fi ga ju ènìyàn lọ, ó tẹ́ pákó nínípọn lé e, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbé táńkì lọ sókè. Ó tú páìpù tín-ín-rín ti tẹ́lẹ̀, ó fi èyí tó fẹ̀ sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí fèrè ilé-iṣẹ́ tó dún, ó ti ń gbé garawa gun àkàbà. Aládùúgbò wa kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Àna rere! Ṣé wọn ò tíì fún ẹ níyàwó ọ̀hún ni?"

Mo ti fẹ́ bú u. Ọkọ mi ní, "Wọ́n ti fún mi. Ìdí tí mo fi ń pọn omi nìyẹn."

Bàbá wọlé. Omi dà ṣòò sórí sìmẹ́ǹtì. Àwa méjèèjì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí òmùgọ̀, à ń gbọ́ ọ.

"Ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn o!" bàbá pariwo. "Ẹ ò mọ̀ pé àgbàlagbà ń wẹ̀ ni?"

Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹnikẹ́ni ò wẹ̀ wọ́n rí, àfi àwọn ààfáà, lọ́jọ́ tí bàbá kú. Ọkọ mi ló pọn omi tí wọ́n lò.