Ọ̀rọ̀ Mẹ́fà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Tú

Bí ẹ bá rí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nídìí iṣẹ́, ẹ ó bú u. Ó lè jókòó ti ìlà kan ṣoṣo títí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ á fi tutù, kó máa bá ìwé sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ aláìgbọràn. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ irin ló gbà á síṣẹ́, pé kó máa túmọ̀ ìwé ẹ̀rọ láti èdè Òyìnbó sí Yorùbá fún àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Èmi ni mo ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi wà lára àwọn tó ń kà á, torí òun ni mẹkáníìkì àgbà níbẹ̀.

Àwọn tó kọ ìwé yẹn ò láàánú. Wọ́n á to ọ̀rọ̀ orúkọ mẹ́fà léra bí ẹni to igi ìdáná, wọn ò ní fi "ti" tàbí "fún" kankan sáàárín. Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ni ọ̀gá lójú tirẹ̀, á wá máa bi àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ìwọ, ta lò ń sìn?" Èyí tí kò bá dá a lójú, á wọ bàtà onírọ́bà, ó di inú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan náà. Àṣejù ni mo ń pè é.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa láti aago mẹ́jọ. Epo ń jò lára ẹ̀rọ tuntun. Ó ní, "Màdáàmù, ìwé yẹn dà? Gbogbo èèyàn ló káwọ́ gbera."

Orúkọ ohun tí wọ́n máa tú kúrò lára ẹ̀rọ ló kù, ọ̀rọ̀ mẹ́fà: ìrànlọ́wọ́, pọ́ńpù, ìfúnpá, ìdínkù, fáàfù, àkójọ. Ẹ̀gbọ́n mi mú un látẹ̀yìn. Odidi àkójọ ni, wọn ò gbọdọ̀ tú u sí wẹ́wẹ́. Àkójọ kí ni? Ti fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà. Fáàfù tó ń ṣe kí ni? Tó ń dín ìfúnpá epo kù, kó má baà ti ara rẹ̀ jù. Ìfúnpá ibo? Ti pọ́ńpù. Ó kan "ìrànlọ́wọ́", ó dánu dúró, ó ń wá bàtà.

Kí n má purọ́, èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, fáàfù náà ló ń bá lọ. Ọkùnrin yìí ò ní jẹ́ ká gbádùn." Ó wò mí, ó wo ọ̀gá, ó jókòó. Mo tẹ̀ ẹ́: odidi àkójọ fáàfù ìrànlọ́wọ́ tó ń dín ìfúnpá kù lára pọ́ńpù. Bó ṣe jáde sórí ìwé, ọ̀gá já a gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ fún ọkọ mi.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí ojú ìwé tó kàn. Àwòrán àwọn ohun èlò ló wà níbẹ̀. Pọ́ńpù méjì ni, ńlá àti kékeré, wọ́n sì kọ orúkọ sábẹ́ kékeré: pọ́ńpù ìrànlọ́wọ́. Pọ́ńpù ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sìn, kì í ṣe fáàfù. Kékeré yìí nìkan ni ìwé ní kí wọ́n pa, kí wọ́n fa epo rẹ̀ gbẹ. Ńlá ṣì ń ṣiṣẹ́, epo gbígbóná ń ti ara rẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá tú fáàfù ara pọ́ńpù ńlá, ojú onítọ̀hún ni epo náà á fọ́n sí.

"Pe ọkọ rẹ!" ẹ̀gbọ́n mi kígbe. Mo pè é, mo tún un pè. Ta ló ń gbọ́ fóònù nínú ariwo yẹn? Ẹ̀gbọ́n mi ti sáré jáde láìwọ bàtà. Obìnrin tí mo máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ń rìn bí aláboyún, n ò lé e bá.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti fa ọkọ mi sẹ́yìn tòun ti sípánà ọwọ́ rẹ̀. Bóòtù mẹ́rin ló de fáàfù náà mọ́ pọ́ńpù ńlá. Méjì ti dẹ̀, epo ti ń yọ. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Gbogbo wa dúró lókèèrè títí ọwọ́ aago tó ń wọn ìfúnpá fi wálẹ̀ dé òdo.

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, fáàfù méjì ló wà lára pọ́ńpù ńlá. Mo rò pé èyí tó kéré ni ìrànlọ́wọ́. Ohun tí ẹ kọ ni mo tẹ̀ lé."

Ọ̀gá dé, inú ń bí i. "Ta ló fa èyí?"

"Èmi ni, sà," ọkọ mi dáhùn kíá. "Mo ṣi ìwé kà."

Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó kà á dáadáa," ó ní. "Èmi ni mo ṣì í kọ. Tí ẹ bá gbà pé òun ló ṣì í kà, lọ́la á tún tẹ̀ lé ìwé mi láìbèèrè."

Kò dárúkọ mi. Kò tilẹ̀ wojú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ní, "Ọ̀gá, ó fẹ́ wá wo ẹ̀rọ náà kó tó parí rẹ̀. Èmi ni mo dá a dúró."

Ọkọ mi yíjú sí mi, sípánà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.